Táyà tòkunbọ̀: inú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ra táyà tòkunbọ̀ méjì fún Kòrólà mi, 195/65R15. Èyí tí wọ́n fi hàn mí ní Géètì ń dán, ojú rẹ̀ sì jinlẹ̀ dáadáa, àmọ́ àyà mi ń já nítorí pé mo máa ń ná Ìbàdàn sí Ìlọrin. Báwo ni mo ṣe lè dá èyí tí wọ́n ti tún ṣe, tàbí tó ti bàjẹ́ nínú, mọ̀ kí n tó sanwó?

Ìdáhùn: Ẹ má fi dídán rẹ̀ ṣe ẹ̀rí kankan. Táyà àlòkù tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú kọ̀ǹténà jáde kì í dán rárá, eruku ló máa ń kún ara rẹ̀. Ẹni tó ń tà á ló fọ̀ ọ́, tó sì fi ohun dúdú pa á lára. Ohun dúdú yẹn máa ń wọ inú àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó ti sán sí ẹ̀gbẹ́ táyà, kò sì ní jẹ́ kí ẹ rí wọn. Torí náà, ẹ mú àkísà tútù dání, ẹ nu ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ẹ tó wo ohunkóhun. Jíjìn ojú rẹ̀ náà kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Mo ti rí táyà tí ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi tuntun, tí kò sì yẹ kó tún gbé mọ́tò rin kìlómítà mẹ́wàá.

Inú táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá ti wà lórí rímù, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́. Bí wọn kò bá gbà, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, ẹ kọjá sí ìsọ̀ tó kàn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí. Táyà tí kò lo tíúbù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń gbé mọ́tò, kì í ṣe rọ́bà. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dínkù púpọ̀ tí awakọ̀ kò sì mọ̀, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa ká wọlé lábẹ́ rímù ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ mọ́tò bá yí. Ibi tó ń ká yẹn á gbóná, rọ́bà inú á máa fi ara gbo ara, àwọn okùn tó wà láàárín rọ́bà, tí wọ́n di ẹ̀gbẹ́ táyà mú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já díẹ̀díẹ̀. Ìrìn kìlómítà mélòó kan péré tó fún un láti bàjẹ́ báyìí. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó ni mọ́tò á dí ihò, á fa afẹ́fẹ́ sí i, táyà á sì gúnwà padà. Kò sẹ́ni tó máa wò ó láti ìta tó máa mọ̀ pé nǹkan ṣe é. Ṣùgbọ́n okùn tó ti já kì í so padà. Ọ̀pọ̀ irú táyà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n yọ dànù lókè òkun torí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí i yìí gan-an, tó wá dé ọ̀dọ̀ wa. Nínú ìlú, ó lè máa rìn jẹ́jẹ́. Àárín Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú èrò mẹ́rin àti ẹrù nínú búùtù, ibẹ̀ ni yóò ti fi ara rẹ̀ hàn.

Bí ẹ ṣe máa wò ó rèé. Ẹ gbé táyà dúró, kí ẹnì kan fi ọwọ́ méjèèjì ya etí rẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ wá tan iná fóònù sí inú rẹ̀. Ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí tí ẹ ó fi yí i po, ẹ má wo ojú kan kí ẹ sọ pé ó tó. Ohun tí ẹ ń wá ni òrùka tó yí inú ẹ̀gbẹ́ táyà po, níbi tí àwọ̀ ti yàtọ̀ sí ti ìyókù: ó lè jẹ́ àwọ̀ eérú, ó lè jẹ́ dúdú tó ṣókùnkùn ju ibi tó yí i ká lọ, tàbí kí ó ti ha bí ẹni fi ìwé ìháǹkan ha á. Ẹ fi ọwọ́ kan ibẹ̀ (ẹ fi àkísà wé ọwọ́, nítorí wáyà tó bá ti yọ lè gún yín). Bí ó bá ṣe ṣákaṣàka nígbà tí ìyókù ń dán, ó ti rìn láìsí afẹ́fẹ́. Ẹ wá wo kọ̀rọ̀ tó wà níbi tí ẹ̀gbẹ́ ti pàdé etí táyà. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun dúdú tàbí èérún rọ́bà níbẹ̀, rọ́bà inú ló ti lọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tà lè gbá a kúrò, àmọ́ ó máa ń ku díẹ̀ nínú kọ̀rọ̀ náà. Bó bá wá le dé ibi tí ẹ ti lè máa rí ìlà okùn lábẹ́ rọ́bà, kò sí ọ̀rọ̀ mọ́.

Àwọn ohun kan wà nínú táyà tí kì í ṣe àrùn, tí wọ́n máa ń dẹ́rù ba ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Àwọn ìlà tín-ín-rín tó tò gúnrégé, tí àlàfo wọn dọ́gba láti etí kan dé èkejì, láti ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Èyí tó ń dà wá láàmú máa ń tẹ̀lé yíyípo táyà, kì í dá táyà kọjá. Bákan náà, bí ẹ bá rí ibi tó tẹ̀ wọlé díẹ̀ ní gígùn lára ẹ̀gbẹ́ táyà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, ibi tí aṣọ inú rẹ̀ ti gun ara wọn ni, kò léwu. Èyí tó bá wú síta ni ewu. Òun máa ń wá láti inú kòtò ojú ọ̀nà: rímù àti etí kòtò á há ẹ̀gbẹ́ táyà láàárín, okùn inú á já lójú kan, afẹ́fẹ́ á wá máa ti rọ́bà tó kù síta. Wàhálà rẹ̀ ni pé bí afẹ́fẹ́ bá ti jáde, wíwú náà á wọlé, ara táyà á sì tẹ́jú pẹrẹsẹ. Nínú táyà nìkan ni ẹ ti lè rí i nígbà náà, ibi tí rọ́bà ti ya díẹ̀ tàbí tí ó pín sí méjì bí ẹnu. Ẹ fi àtàńpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ táyà kiri pẹ̀lú. Ibi tó bá rọ̀ ju ibi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ tan iná sí inú ibẹ̀ gan-an.

Nísinsìnyí tí inú ti ṣí sílẹ̀ níwájú yín, àtúnṣe àtijọ́ kò ní ṣòroó rí. Pátì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Mo lè ra táyà tó ní pátì kan láìkọminú, bó bá jẹ́ pé àárín ojú táyà ni ihò náà wà, tí ihò kò sì ju mìlímítà mẹ́fà lọ, ìyẹn ihò tí ìṣó lásán ń dá. Àtúnṣe gidi ni èyí tí wọ́n ṣe láti inú: wọ́n ti ha ojú ibẹ̀ dán, pátì náà ní ìrù tó gba inú ihò jáde síta, etí pátì sì lẹ̀ mọ́lẹ̀ yíká. Bí ẹ bá fi èékánná wa etí rẹ̀ tí kò ṣí, ó dára. Èyí tí àwọn fọkanáísà máa ń fi irin kì bọ ihò láti ìta láìyọ táyà, ìyẹn okùn rọ́bà yẹn, ó ń dá afẹ́fẹ́ dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wo inú nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Omi lè máa gba ẹ̀gbẹ́ okùn náà wọlé bá àwọn wáyà tó wà lábẹ́ ojú táyà, kí wọ́n sì máa dógùn-ún. Bí ẹ bá rí orí irú okùn bẹ́ẹ̀ láàárín ìlà ojú táyà, ẹ wo inú ibẹ̀ dáadáa. Bí ó bá pupa bí irin tó ti dógùn-ún, ẹ fi sílẹ̀.

Àtúnṣe tó wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà, tàbí ní èjìká rẹ̀ níbi tí ojú àti ẹ̀gbẹ́ ti pàdé, èmi kò gbà á rárá, bó ti wù kí iṣẹ́ náà mọ́ tó. Ibẹ̀ ló ń ká tó ń nà ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ mọ́tò bá ń yí, kò sí pátì tó lè bá a ká bẹ́ẹ̀ pẹ́. Àwọn kan tún máa ń gé ara táyà àtijọ́, wọ́n á tẹ́ ẹ sí inú ibi tó ya, wọ́n á sì fi rọ́bà bo ìta. Ẹ má ṣe bá irú èyí dé ọ̀nà márosẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ẹ máa rí lára etí táyà, ibi tó ń jókòó sínú rímù, tí wáyà líle wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń kó táyà wá máa ń ti ọ̀kan bọ inú èkejì, nígbà míì mẹ́ta mẹ́rin nínú ara wọn, kí kọ̀ǹténà lè gbà púpọ̀. Bí wọ́n bá ká táyà há bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, etí rẹ̀ lè tẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì lè ní ojú ìká tí kò ní tán. Ẹ tẹ́ táyà sílẹ̀, kí ẹ wo etí rẹ̀ láti òkè. Ó gbọ́dọ̀ rí roboto. Bí apá kan bá rí bí ẹyin, tàbí tí rọ́bà etí ti ya tí wáyà ń yọjú, kò ní jókòó dáadáa lórí rímù láéláé.

Ẹ wá yí padà sí ojú táyà. Bó ṣe jẹ ni kí ẹ wò ju bó ṣe jìn lọ, nítorí òun ló máa sọ ìtàn táyà náà fún yín. Bí èjìká méjèèjì bá jẹ ju àárín lọ, ẹni tó lò ó kò fún un ní afẹ́fẹ́ tó. Irú táyà yẹn ni kí ẹ tún padà tan iná sí inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí òun gan-an ló ṣeé ṣe jù kó ti gbóná, kí ó sì ti ní òrùka tí mo sọ. Bí ó bá jẹ́ àárín ló jẹ ju ẹ̀gbẹ́ lọ, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù, ìyẹn kò burú tó ti àkọ́kọ́. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá jẹ ju èkejì lọ, ẹsẹ̀ mọ́tò tó lò ó tẹ́lẹ̀ ni kò tọ́. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tó jẹ yẹn títí dé ìsàlẹ̀ èjìká, torí wáyà lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ níbẹ̀ nígbà tí ìyókù ṣì jìn. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni ojú kan ṣoṣo tó jẹ lára táyà tí ìyókù rẹ̀ dọ́gba, tàbí ojú kan tó ga ju ìyókù lọ. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yí ojú táyà po, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i. Búrékì tó há lójijì lè fa kí ojú kan jẹ, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ pé àwọn wáyà tó wà lábẹ́ ojú táyà ti ń ya kúrò lára ara wọn níbẹ̀, ẹ kò sì ní ọ̀nà tí ẹ lè fi dá méjèèjì mọ̀ yàtọ̀ ní ìsọ̀. Ẹ máa bá ọ̀nà yín lọ.

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn kan ń dá sí ojú táyà tó ti jẹ tán: wọ́n á fi irin gbígbóná tún ìlà rẹ̀ gbẹ́ kí ó lè dà bí èyí tó jìn. Ọ̀nà àtidá a mọ̀ kò le. Láàárín ìlà ojú táyà, ilé-iṣẹ́ máa ń fi òkè rọ́bà kéékèèké sí ìsàlẹ̀, gíga wọn jẹ́ mìlímítà 1.6, pé bí ojú táyà bá ti jẹ dé ibẹ̀, ó ti parí. Àwọn òkè rọ́bà yìí ni kí ẹ wá. Bí ìlà bá jìn tí ẹ kò sì rí òkè rọ́bà kankan nínú rẹ̀, tàbí tí ọ̀bẹ ti gé e kọjá, tí ògiri ìlà náà sì wọ́ tàbí ṣe pálapàla, wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Rọ́bà tó yẹ kó bo wáyà ni wọ́n gé kúrò yẹn.

Ní ti ọjọ́ orí, ẹ wá lẹ́tà DOT lára ẹ̀gbẹ́ táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú ìlà náà ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 3021 ni ọ̀sẹ̀ ọgbọ̀n ọdún 2021. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń pé sí, torí náà ẹ yí táyà padà bí ẹ kò bá rí i. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, kí ọdún 2000 tó dé ni wọ́n ti ṣe é. Bí wọ́n bá ti ha ibẹ̀ kúrò, ẹ má gbọ́ àlàyé kankan. Àjọ SON tó ń mójú tó ìwọ̀n ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà ní ọdún mẹ́rin láti ìgbà tí wọ́n ṣe é ni kí a fi lo táyà, ìyẹn sì ni èmi náà ń tẹ̀lé fún ẹni tó ń ná ọ̀nà jíjìn. Rọ́bà ń gbó bí kò tilẹ̀ rìn. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó ká díẹ̀, ẹ ó rí ìlà wẹ́wẹ́ tó ń sán bó bá ti gbó. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ kò ní yè é bí ẹ bá di ọdún mẹ́rin mú, òfin kò sì tilẹ̀ gbà kí wọ́n máa kó àlòkù táyà mọ́tò kéékèèké wọlé. Bí owó bá tó táyà tuntun méjì, tuntun ni kí ẹ rà.

Ẹ ṣọ́ra fún táyà tí wọ́n ya òkè mẹ́ta àti yìnyín sí lára. Táyà òtútù ló sábà máa ń jẹ́, rọ́bà rẹ̀ rọ̀ nítorí ìlú yìnyín ni wọ́n ṣe é fún. Nínú oòrùn wa, á tètè jẹ, búrékì kò sì ní mú un bó ṣe yẹ.

Oníbàárà kan gbé méjì wá bá mi ní 2024, 195/65R15 bíi tiyín, ìsọ̀ kan náà ló ti rà wọ́n, ẹni tó tà á sì ti gbà pé òun á pààrọ̀ èyí tí kò bá dára. Àkọ́kọ́ ń dán. Ojú rẹ̀ jìn tó mìlímítà méje láàárín, nọ́ńbà rẹ̀ sì jẹ́ 3021. Èkejì kún fún eruku, mìlímítà márùn-ún péré ló kù, pátì kan wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 4622. Èkejì yìí ni oníbàárà náà fẹ́ dá padà. Mo ní kó kọ́kọ́ nu àkọ́kọ́. Nígbà tí dúdú náà kúrò, a rí ìlà kan tó ha yíká ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò jìnnà sí etí. A wọn èjìká rẹ̀, mìlímítà mẹ́fà ni ní ọ̀tún àti lósì, ó fi ọ̀kan dín sí àárín. Ohun méjì yìí ti tọ́ka sí ibì kan náà, la bá ya etí rẹ̀, a sì tan iná wọlé. Òrùka aláwọ̀ eérú tó fẹ̀ tó ìka méjì wà nínú, ó yípo láìjá, ní ọ̀gangan ìlà tó wà níta gan-an. A gbọn táyà náà, èérún dúdú sì jáde láti inú kọ̀rọ̀ etí. Àwa kò tún wo èyí tó kù lára rẹ̀. Ti èkejì: pátì náà wà láàárín ojú táyà, ihò ìṣó kékeré ni, etí pátì kò ṣí, inú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń dán bákan náà yíká, èjìká méjèèjì àti àárín jẹ dọ́gba, etí rẹ̀ rí roboto. Òun la gbà, a sì dá èyí tó ń dán padà. Ẹni tó ń tà á bínú pé táyà tó dára jù ní ìsọ̀ òun la ń kọ̀.

Bí èyí tí ẹ yàn bá yege, ó ku ìdánwò tó gbẹ̀yìn, ẹ bẹ ẹni tó ń tà kí ó jẹ́ kí ẹ ṣe é kí ẹ tó sanwó tán. Kí fọkanáísà wọ̀ ọ́ sórí rímù, kí ó fa afẹ́fẹ́ sí i. Ẹ kúrò ní ọ̀gangan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà tó ń fà á, kí òun náà má fi ojú sún mọ́ ọn. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹ̀gbẹ́ táyà ń dún pá-pá-pá kélekèle, okùn ló ń já, kí ó dá ẹ́ńjìnnì dúró kí ó sì tú afẹ́fẹ́ jáde. Bí etí bá kọ̀ tí kò jókòó nígbà tí ó ti dé páùn 40, kí ó má fi kún un. Bó bá jókòó, kí ó dín afẹ́fẹ́ kù sí iye tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Nísinsìnyí ni kí ẹ wá wo wíwú tó lè ti fara pamọ́. Ẹ gbé mọ́tò sókè pẹ̀lú jáàkì, ẹ yí táyà, kí ẹ di ohun kan mú gbọn-in sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìfi kàn án. Bí àlàfo náà bá ń fẹ̀ tó sì ń dínkù bó ṣe ń yí, rímù lè wọ́, torí náà ẹ wo etí rímù náà. Bí rímù bá gún, táyà ni. Ẹ da omi ọṣẹ sí ojú pátì àti etí rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó ń hó.

Gbogbo èyí kò lè fi ohun gbogbo hàn yín. Wáyà abẹ́ ojú táyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya ara rẹ̀ kì í hàn nínú, kì í sì í hàn níta. Nítorí náà, ẹ fi ọjọ́ mélòó kan rìn nínú ìlú kí ẹ tó gbé e lọ sí Ìlọrin. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ ní àárọ̀ kùtù kí mọ́tò tó rìn, kí ẹ sì tún wọn ní àárọ̀ kejì. Bí ó bá ń lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ padà sí ìsọ̀. Bí ẹ bá ń rìn jẹ́jẹ́ bíi kìlómítà ogún ní wákàtí kan tí ìdarí mọ́tò tàbí ìdí yín ń mì sọ́tùn-ún sósì, tí kì í ṣe gbígbọ̀n wẹ́wẹ́, ẹ dúró, ẹ fi ọwọ́ yí ojú táyà po. Òkè tí kò sí níbẹ̀ lánàá, wáyà ló ti ya.

Ní ti ibi tí ẹ máa fi wọ́n sí: àwọn méjì tí ọkàn yín balẹ̀ sí jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ fi sí ẹ̀yìn, bí èyí bá tilẹ̀ túmọ̀ sí pé kí ẹ gbé ti tẹ́lẹ̀ sẹ́yìn kí tòkunbọ̀ wà níwájú. Bí táyà iwájú bá fọ́, mọ́tò á fa apá kan, ìdarí á wúwo, ṣùgbọ́n ẹ ṣì lè dì í mú. Bí ti ẹ̀yìn bá fọ́ lórí eré, ìdí mọ́tò ló máa ń fẹ́ yí wá síwájú, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fi ìdarí dá a dúró ní ìrọ̀rùn.